Aago Mẹ́fà, Kò Séwu

Èmi ni mo ń pín iṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣọ́ ilé alájà márùn-ún kan ní ìhà Ìkòsì. Wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ ni: aago mẹ́fà àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, méjì sí mẹ́wàá alẹ́, mẹ́wàá sí mẹ́fà àárọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́sẹ̀, ẹnì kẹrin sì máa ń dúró fún ẹni tó bá ń sinmi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà àyàfi tí ẹni tó kàn bá dé. Bí gbogbo wọn bá ní àlàáfíà, ètò náà pé. Mi ò fi àyè sílẹ̀ fún àìsàn.

Lọ́jọ́ kan, ibà gbé ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀sán dè. Ẹnì kẹrin ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òwúrọ̀, nítorí ẹni àárọ̀ ń sinmi, ó sì ní iṣẹ́ mìíràn ní Òjótà ní kété tí aago méjì bá lù. Mo bá pe baba tó ń ṣọ́ òru. Ọmọ Òkè-Ògùn ni, ajíhìnrere ni ní ìjọ rẹ̀, ó sì ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá ní aago méjì, kí ẹ wà níbẹ̀ títí di àárọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wákàtí mẹ́rìndínlógún! Ọ̀gá, ẹ fẹ́ kí n gbàgbé ojú ìyàwó mi ni. Mò ń bọ̀. Oorun ò kun àgbàlagbà bó ṣe ń kun ẹ̀yin."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi Ọlọ́run ṣọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe kírun àsùbáà tán, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo gba ilé náà lọ kí ẹni àárọ̀ tó dé. Mo kan géètì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi ṣí i. Àga baba ṣófo. Ìwé tí a máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí wà lórí tábìlì, bírò sì wà lórí rẹ̀.

Wákàtí wákàtí ni wọ́n ní láti yí ilé po, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí. Mo kà á. *Aago mẹ́rin: kò séwu. Aago márùn-ún: kò séwu. Aago mẹ́fà: mo fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni àárọ̀ lọ́wọ́, kò séwu.* Ó ti buwọ́ lù ú.

Mo wo fóònù mi. Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú.

Mo pe orúkọ rẹ̀, ohùn ara mi ló padà bọ̀ láti inú àtẹ̀gùn. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn, orin ìyìn kan bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́. Mo tún pè é, orin náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Mo ń ka Áyátúlì Kúrísì bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn tẹ̀ lé e.

Láàárín àjà kẹta sí ìkẹrin ni mo ti rí i. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Tọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹni àárọ̀ dé, ó bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀, mo sì gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. "Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀? Tí kò bá tíì pẹ́, abẹ́rẹ́ kan wà tí a lè béèrè fún. Tó bá ti pẹ́, ewu ni."

Mi ò mọ̀ pé mo ti gbé ìwé náà há abíyá. Mo ṣí i níwájú rẹ̀. Láti aago kan títí dé mẹ́fà, yíǹkì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, bí ìgbà téèyàn jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọ ọ́ tán. Ìwé náà ní kò séwu ní gbogbo wákàtí tí baba fi fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ta ló rí i kẹ́yìn?" ni dókítà wí.

Kò sẹ́ni tó rí i láàárín òru. Èmi ni mo sì ti sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ilé, nígbà tí onílé ṣàròyé, pé, "Mi ò fẹ́ rí ìlà òfìfo kankan nínú ìwé yìí mọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́." Baba ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Nígbà tí agara dá a, ó kọ òru rẹ̀ tán kó tó rìn ín.

Wọn kò fún un ní abẹ́rẹ́ náà.

Alihamudulilahi, ó yè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kò di bírò mú mọ́. Mo ti gba ẹnì karùn-ún, tó wà fún ìgbà àìsàn nìkan, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé ìlà òfìfo kò bí mi nínú mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí i nílé ní Kétu, ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi. Baba fi ẹnu tó wọ́ yẹn bi mí, díẹ̀díẹ̀:

"Ọ̀gá, aago mélòó ni mo ṣubú?"

Ìwé náà wà nínú báàgì mi. Mi ò lè mú un jáde.