Ìdábùú Ara Eéje

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Mabel Nícol fi jókòó sí yàrá ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Marina. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó dìde, ó mú agboòrùn rẹ̀, ó lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì.

Ní Olówógbowó tó ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lè kà lọ. Ìyá ọlọ́mọ kan á gun àkàbà wá pẹ̀lú ìwé dókítà: "Anti Mabel, ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni àbí ẹ̀ẹ̀meje?"

Mabel á gbé awò rẹ̀ wọ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí o bá lò ó lẹ́ẹ̀meje, o ò ní lè padà wá bèèrè."

Òfin kan ṣoṣo ló ní. A kì í wo nọ́ńbà, ọwọ́ tó kọ ọ́ là ń wò. Ọwọ́ ní ìrìn tirẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti ní tirẹ̀. Ẹni tó ń tiro lánàá kò ní ṣàì tiro lónìí.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá kan, Àlímọ̀t wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ Èkó ni òun ń gbé, nílé ọkọ rẹ̀, Alàájì Yẹ̀kínì, òun àti Mabel sì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó tún un wé.

"Mabel, wọ́n ti sọ ọkọ mi di àbúrò."

"Àbúrò ta ni?"

"Àbúrò Ashraf."

Mabel gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ Yẹ̀kínì àti Ashraf. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá wọn ló yàtọ̀. Oṣù kan náà ni ìyáálé àti ìyàwó bí wọn, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1947, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ti kómọ jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti lè sọ̀rọ̀ ni Ashraf ti ń pe Yẹ̀kínì ní ẹ̀gbọ́n, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin rèé. Wàyí o, olórí ẹbí ti kú. Ẹni tó dàgbà jù ni ipò kàn, ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀túnla ni wọn yóò sì wé láwàní fún un lẹ́yìn ìrun.

"Ashraf lọ tú àpótí bàbá wọn," ni Àlímọ̀t wí. "Ó rí ìwé tí akọ̀wé bàbá wọn ń kọ apẹ̀rẹ̀ obì sí, èyí tí wọ́n ń kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Kánò. Ibẹ̀ náà ni akọ̀wé kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ashraf ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí Wáásáàpù ẹbí."

Ó na fóònù sí i. Mabel wò ó. Ọjọ́ ìbí Yẹ̀kínì: oókan, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan tó ṣe bí oókan, tó ṣe bí eéje, tí ìlà kékeré dábùú rẹ̀. Ọjọ́ ìbí Ashraf: oókan, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan tó ṣe bí ẹẹ́rin, tó ṣe bí ẹẹ́sàn-án.

"Ashraf ní ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n bí ọkọ mi, ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n bí òun. Ó ní òun fi ọjọ́ mẹ́ta jù ú lọ."

"Bí ti Ashraf bá wá jẹ́ kọkàndínlógún ńkọ́?"

"Ohun tí a ń sọ náà nìyẹn! Ilé ti pín sí méjì. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ashraf ń jẹ́ Ẹẹ́rin, àwọn tiwa ń jẹ́ Ẹẹ́sàn-án. Àwọn ọmọdé ti fi nọ́ńbà rọ́pò àwòrán ojú wọn lórí fóònù. Ẹẹ́rin kò bá Ẹẹ́sàn-án jẹun pọ̀ mọ́. Lánàá, ìyàwó ilé kan bímọ, wọ́n ní kí dókítà kọ aago tó bí i ní lẹ́tà, kó má kọ ọ́ ní nọ́ńbà."

"Ashraf fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Àlímọ̀t rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ òun dà. Ó ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó yọ ọdún méjì àkọ́kọ́ kúrò torí òun ò tíì lè dúró dáadáa nígbà náà, ó yọ ìgbà tí òun lọ Mẹ́kà. Ó ní ẹgbàá mẹ́rìnlá ó dín díẹ̀ ni, òun ò sì ní gba ẹ̀dínwó."

Mabel ti ń wá bàtà rẹ̀.

*

Pálọ̀ ilé náà kún. Àwọn Ẹẹ́rin jókòó sápá ọ̀tún, àwọn Ẹẹ́sàn-án jókòó sápá òsì. Alàájì Yẹ̀kínì wà láàárín, ó rọra ń fa tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ashraf dúró, ó ti de fìlà tuntun.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá Yẹ̀kínì. Ẹ káàsán, Bọ̀dá Ashraf."

"Mísísì, èmi lo yẹ kó o kọ́kọ́ kí," ni Ashraf wí.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ìwé, sà."

"Kí ló tún kù láti kà? Ó wà lórí fóònù. A ti fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tó ilẹ̀kùn."

"Fóònù kì í ṣe ìwé, sà. Ẹ gbé ìwé wá."

Wọ́n gbé e wá. Ó wúwo, ó ń rùn bí àpótí àgbà. Mabel kò wo ọjọ́ náà rárá. Òkè ojú ewé ló kọ́kọ́ wò.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Akọ̀wé bàbá wa, Jóṣúà," ni Yẹ̀kínì dáhùn. "Àjàṣẹ́ ló ti kàwé, lọ́dọ̀ àwọn Faransé."

Mabel mi orí. Ó ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ní Marina, lára ìwé ọkọ̀ tó ń ti Kútọnu wá. Ó fi ẹ̀yìn bírò tọ́ka sí òkè ojú ewé.

"Ẹ wo ọdún. Ṣé a jọ gbà pé 1947 ni?"

Àwọn Ẹẹ́rin gbà. Àwọn Ẹẹ́sàn-án wo ara wọn, wọ́n gbà.

"Ó dáa. Oókan, ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́rin, eéje. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ ń jà lé lórí ló wà níbẹ̀, ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn wọn. Ẹ ẹ̀ rí i nínú fóònù torí ẹ gé orí ojú ewé kúrò."

Ó gbé ẹ̀yìn bírò sórí oókan inú ọdún.

"Oókan Jóṣúà ní orí gígùn, ó fà á láti ìsàlẹ̀ wá bí àsíá. Ẹni tó kàwé l'Ékòó á pè é ní eéje. Ìdí nìyẹn tó fi ń fi ìlà dábùú eéje tirẹ̀, kí méjèèjì má baà jọra. Ẹẹ́sàn-án rẹ̀ ní ikùn roboto, ìrù rẹ̀ sì tẹ̀ sápá òsì. Ẹẹ́rin rẹ̀ pa orí dé bí ẹẹ́sàn-án, àmọ́ ìdí rẹ̀ gún gbọọrọ, ìlà àárín rẹ̀ sì yọ kọjá ìdí náà lọ sápá ọ̀tún."

Ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọjọ́ ìbí Ashraf. Ìdí rẹ̀ gún. Ìlà àárín rẹ̀ yọ sápá ọ̀tún.

"Ẹẹ́rin ni. Ọjọ́ kẹrìnlá."

Apá ọ̀tún hó yèè. Ẹnìkan lápá òsì ní àwọn ọ̀tá ti ra Anti Mabel. Mabel kò gbójú sókè. Ó wo ti Yẹ̀kínì. Orí gígùn, bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà sì wà tó dábùú rẹ̀. Àlímọ̀t ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ ọgọ́ta ọdún. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, kò yí nọ́ńbà padà fún ọ̀gá, kò yí i padà fún olè.

"Eéje ni," ó wí. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún."

Kò sẹ́ni tó hó lọ́tẹ̀ yìí. Alàájì Yẹ̀kínì fi tẹ̀sùbáà sápò. Ó gbá ọwọ́ méjèèjì mú lórí orúnkún, ó dìde, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Òtítọ́ kì í ṣìnà," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Màá gbà á díẹ̀díẹ̀, Yẹ̀kínì," ni Ashraf dáhùn. "Bẹ̀rẹ̀."

Àgbà náà gbé orúnkún kan kalẹ̀, ó gbé èkejì. Wọ́n ju tìmùtìmù sí i, ó kọ̀ ọ́. Ó na ara rẹ̀ tán lórí kápẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí igi ìrókò ṣe ń dùbúlẹ̀. Ashraf fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. "Wà á dàgbà," ó wí. "Ó di ọ̀kan."

Mabel kò lè wò wọ́n. Ó tẹjú mọ́ ìwé dípò rẹ̀. Ó wo ìdábùú eéje inú ọdún. Jóṣúà a máa fà á sókè díẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ṣí ojú ewé kan, ó wo eéje míràn. Sókè díẹ̀. Òmíràn. Sókè díẹ̀. Ó padà sí ti Yẹ̀kínì.

Ìdábùú ti Yẹ̀kínì sọ̀ kalẹ̀. Ó tún tẹ̀ láàárín, bí ìgbọ̀nwọ́.

Ó yọ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lápò, ó tẹ̀ ba ìwé. Tádàwà a máa wọ inú ìwé. Èyí kò wọ inú ìwé, orí rẹ̀ ló wà, ó sì ní òjìji tirẹ̀. Ó ní ẹ̀gún wínníwínní yíká.

Mabel fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ìdábùú náà fò, ó bọ́ sórí tábìlì. Ohun tó kù lójú ewé ni oókan Jóṣúà, orí gígùn, àsíá, láìsí ohunkóhun lára.

"Ẹ dákun," ni Mabel wí. "Mo ṣe àṣìṣe. Ọjọ́ kọkànlá ni."

"Kí ni ìyẹn?" ni Ashraf bèèrè.

"Ẹsẹ̀ aáyán ni, sà. Ó gbẹ mọ́ ibẹ̀."

Gbogbo pálọ̀ kóra jọ sórí tábìlì, Ẹẹ́rin pẹ̀lú Ẹẹ́sàn-án. Ẹnìkan ní ká gbé e lọ fún lọ́yà. Ẹnìkan ní kò sí ohun tó fi hàn pé aáyán náà kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Alàájì. Àlímọ̀t bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó fi gèlè nu méjèèjì.

Láti ilẹ̀ ni ohùn kan ti wá.

"Mabel."

"Sà?"

"Ṣé kí n dìde ni, àbí kí n ṣì wà níbí?"

Ashraf bojú wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀yìn tó ń wúre fún, kò mọ bí yóò ṣe gbé e kúrò láìdà bí ẹni tó jí nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí níkẹyìn, jẹ́jẹ́. "Ẹ dìde."

"N ò gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Alàájì Yẹ̀kínì gbìyànjú. Kò lè dìde. Ó tún gbìyànjú, orúnkún rẹ̀ dún kéké. Ó wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé kápẹ́ẹ̀tì, ó sì pa àṣẹ àkọ́kọ́ tó pa gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí.

"Ashraf, fà mí."

Ashraf bẹ̀rẹ̀. Ó ki apá bọ abíyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fà á. Ìbàdí tirẹ̀ náà dún, ó sì há sórí ìbẹ̀rẹ̀, kò lè lọ sókè, kò lè lọ sílẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì wà, ọ̀kan dọ̀bálẹ̀, èkejì bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, tí wọ́n ń mí gúlegúle, títí Mabel fi bọ́ bàtà rẹ̀, tó di ìgbàdí ṣòkòtò Ashraf mú, tó sì ní kí àwọn Ẹẹ́rin wá mú ẹsẹ̀, kí àwọn Ẹẹ́sàn-án mú apá.