Àyè Kan Tí Mo Sanwó Rẹ̀ ní Ìsarà

Kí n tó kúrò nílé ní Ìsarà ni mo ti ṣírò gbogbo rẹ̀: ẹgbẹ̀rún kan náírà dé Ṣágámù, ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ láti ibẹ̀ dé Ìkòròdú, mo sì fi wákàtí kan kún un fún ìdúró ní gáréèjì méjèèjì. Wọ́n ń retí mi níbi tí mo ti ń wáṣẹ́.

Ní Ìsarà, ọkọ̀ ku ẹnì kan kó kún. Ìyá àgbà kan ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n ru àpò gàrí, wọ́n ń rọra gbẹ́sẹ̀. Ara mi ò gbà á. Mo sanwó àyè tó kù, mo ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ. Nígbà tí a kọjá lára ìyá náà, mi ò wojú wọn.

Ní Ṣágámù, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì Ìkòròdú. Ta ló fẹ́ ra gbogbo àyè yẹn? Mo ń pòṣé, mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo tún ń gòkè, títí oòrùn fi mú. Nígbà tó ku ẹnì kan ṣoṣo, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni ṣáà dé.

Ìyá yẹn ló wọlé, tàwọn ti àpò gàrí wọn. Wọ́n wò mí.

“Ọmọ mi, o ò tí ì lọ ni?”