Ogójì Jalábíà Láti Inú Róòlù Mẹ́ta

Ìyábọ̀dé kì í gé aṣọ tí kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n. Ní Ìlárè, ẹni tó bá ń kánjú á ti gba ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn lọ. Kò bá wọn jà.

Iṣẹ́ ilé kéwú Álífáà Múrítàlá ló bá dé ṣọ́ọ̀bù Àlàájà Sàúdátù tó ń ta aṣọ. Ogójì obìnrin, àgbà àti ọmọdé, ti ka Kùránì parí. Wọ́n fẹ́ ṣe wòlímọ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ kan náà. Ìyábọ̀dé ti ṣírò rẹ̀: yáàdì méjì àbọ̀ fún jalábíà, yáàdì kan àbọ̀ fún híjáàbù. Yáàdì mẹ́rin fún ẹnì kan, ọgọ́jọ fún gbogbo wọn.

Àlàájà gbé róòlù mẹ́ta kalẹ̀. "Èyí tó kù nìyí. Àádọ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òmíràn bá tiẹ̀ dé, àwọ̀ rẹ̀ ò ní bá èyí mu."

Álífáà ṣírò rẹ̀ lẹ́nu. "Àádọ́jọ. Ó fi mẹ́wàá dín. Ẹni mẹ́ta ò ní rí wọ̀."

Ìyá Rùqáyyàh, ọmọ Ìwó, ló jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ álífù, tí àwọn ọmọdé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ yọ mí, Álífáà," ló wí. "Funfun tí mo fi ń kírun wà nílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀ ọ́."

Ẹnu rẹ̀ yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò ní etí aṣọ náà.

Ìyábọ̀dé rí ọwọ́ yẹn. Ó yíjú sí Àlàájà. "Ẹ má bínú o. Àádọ́ta kí ni? Yáàdì àbí mítà?"

"Mítà ni wọ́n fi ń kó o wọlé. Kí ló tún kù, Ìyábọ̀? Ṣé ìbejì kọ́ ni yáàdì àti mítà?"

"Ìbejì ni wọ́n, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ga ju èkejì lọ."

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. Ìyábọ̀dé tú téèpù ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Yáàdì dúró síbi íǹṣì mẹ́rìndínlógójì. Mítà kọjá íǹṣì mọ́kàndínlógójì, ó sì tún yọ díẹ̀. Nínú àádọ́ta mítà, àlékún yẹn di íǹṣì méjìdínláàádọ́sàn-án: yáàdì mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́rìnlélógún. Róòlù kan wá jẹ́ yáàdì mẹ́rìnléláàádọ́ta àti íǹṣì mẹ́rìnlélógún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, yáàdì mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ.

"Ó kárí!" Álífáà pàtẹ́wọ́. "Ó tún ṣẹ́kù!"

Ìyábọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fara balẹ̀, sà. Róòlù kan ò lè fúnni ju aṣọ ẹni mẹ́tàlá lọ, mẹ́rìnlá ò pé nínú rẹ̀. Mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́ta, mọ́kàndínlógójì."

Ìyá Rùqáyyàh mi orí díẹ̀díẹ̀. "Èmi ni ogójì náà."

Ìyábọ̀dé ń wo téèpù. Nígbà tó yá, ó béèrè bí ẹni ń bi ara rẹ̀: "Kí ló ṣẹ́kù nídìí róòlù kọ̀ọ̀kan?" Yáàdì méjì àti íǹṣì mẹ́rìnlélógún. Jalábíà kan ò gbà ju yáàdì méjì àti íǹṣì méjìdínlógún lọ. "Jalábíà ń bẹ nídìí èyí. Híjáàbù ń bẹ nídìí ìyẹn. Ta ló ní ìdí aṣọ kan náà ni kí méjèèjì ti wá?"

"Sùbúhánálláhì," ni Álífáà wí. Ó jókòó.

Síbẹ̀, Ìyábọ̀dé ní òun ò ní gba ọ̀rọ̀ òǹtajà, bó ti wù kó jẹ́ òótọ́. Wọ́n tú róòlù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Àlàájà di orí kan mú, Álífáà di ìkejì, téèpù ń lọ láàárín wọn. Aṣọ ń wọ́ jáde bí omi tí kò mọ ibi tí òun yóò dúró sí. Níbi tí Ìyábọ̀dé ti sọ pé yóò parí gan-an ló parí sí. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìkẹta.

Ìyá Rùqáyyàh ti dìde lórí àpótí láìmọ̀. Àdúà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìyábọ̀dé mú ṣọ́ọ̀kì, ó fàlà sí ìdí róòlù kìíní. Ó gbé àlùmọ́gàjí.

"Ìyá mi, ẹ súnmọ́ ibí. Tiyín ni n ó kọ́kọ́ gé."