Ẹni Tó Ti Gba Nọ́ńbà Náà Ṣáájú

Kúbúrá Adérẹ̀mí fi èékánná àtàǹpàkò ha ojú káàdì náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ha ẹ̀kọ gbígbẹ kúrò lára abọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń ha: R. Kò kúrò. Ó fi itọ́ kan ìka, ó nù ún, ó tún gbé káàdì náà súnmọ́ fèrèsé. R wà níbẹ̀ gbágbá.

“Mummy, kì í ṣe ìdọ̀tí,” ni Adéolú wí.

Yàrá tí wọ́n jókòó sí wà lórí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan ní Rye Lane. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni Adéolú ń jókòó níbẹ̀, tó ń bá àwọn tó gba Ítálì kọjá kí wọ́n tó dé Lọ́ńdọ̀nù wo ìwé wọn. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Brescia, ní Ítálì, ni wọ́n bí i sí, èdè Ítálì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àwọn àgbà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá kí èèyàn, ó máa ń dà bíi pé ó fẹ́ ta nǹkan fún un.

Kúbúrá ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ilé àwọn arúgbó kan lẹ́bàá Peckham Rye ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń gbé àwọn tí kò lè gbé ara wọn mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń sọ fún un tipẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tó bá wá kò pọ̀: kí wọ́n ka ọdún mọ́kànlá tó fi ṣiṣẹ́ ní Brescia mọ́ èyí tó ti fi ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó lè fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọn kò bá kà á, iṣẹ́ ṣì ń bẹ níwájú.

Adéolú ti wo kọ̀ǹpútà. Ọdún mọ́kànlá náà kò sí níbẹ̀.

“Ṣé wọ́n jí i ni?”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yín, Mummy.” Ó yí káàdì náà, èyí tí ìjọba Ítálì fi ń dá olúkúlùkù mọ̀ níbi owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, sọ́dọ̀ ara rẹ̀. “Mẹ́ta àkọ́kọ́, orúkọ ìdílé yín ni: D, R, M. Mẹ́ta tó tẹ̀lé e, orúkọ tiyín gan-an: K, B, R. Ọdún tí wọ́n bí yín nìyí, 59. E yìí, oṣù karùn-ún. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n bí yín, àmọ́ tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á fi ogójì kún un, òun ló fi di 43. Ibi tí wọ́n ti bí yín ló kàn. Ẹni tí wọ́n bá bí ní Nàìjíríà, Z335. Tèmi, B157. Brescia nìyẹn.”

“Ìwọ tí bàbá rẹ jẹ́ ará Ìkirè?”

“Nọ́ńbà ò mọ bàbá èèyàn, Mummy. Ibi tí wọ́n ti bíni nìkan ló mọ̀.”

“Kí ló wá dé tí tèmi fi jẹ́ Z33R?”

Adéolú fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n kékeré tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. “Torí pé nígbà tí wọ́n fẹ́ fún yín ní Z335, ẹnì kan ti gbà á ṣáájú. Obìnrin bíi tiyín. Ọjọ́ kan náà, oṣù kan náà, ọdún kan náà, Nàìjíríà kan náà, lẹ́tà orúkọ kan náà. Kì í ṣe dandan kí orúkọ yín bára mu o. Adérẹ̀mí, Dáramọ́lá, D, R, M náà ni méjèèjì á bá jáde. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á mú nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, wọ́n á fi lẹ́tà rọ́pò rẹ̀. R ló dúró fún márùn-ún.”

Kúbúrá tún wo káàdì náà. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ju pé àgbàdo ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun bí i. Nígbà tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà ní Ìkòyí, akọ̀wé béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó mú ọjọ́ kan. Òun nìkan ló mú un. Kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀.

Ó wá ń rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2003 tó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Signora Bettoni, arúgbó tó ń dá gbé ní àjà kẹta, ọkùnrin tó ń bá ìdílé náà ṣe ìwé kò béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti Nàìjíríà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì pọ nọ́ńbà jáde fúnra rẹ̀: Z335. Kúbúrá rí i pé kò bá ti káàdì mu. Ó mú ìwé méjèèjì lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àsúmáù, tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan ní Brescia.

Àsúmáù bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ káàdì tirẹ̀ jáde, ó fi ti ọkọ rẹ̀ àti ti àbúrò ọkọ rẹ̀ lé e. “Wò ó! Gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà, 335 ni. Akọ̀wé tó kọ R sí tìẹ, ọwọ́ ẹ̀ ló yẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ bá kọ ni kóo mú, jàre. Ẹ̀rọ kì í mu wáìnì.”

Ó mú èyí tí ẹ̀rọ kọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi mú un.

“Ṣé wọn ò wá rí i pé kò tọ̀nà ni?” ó bi Adéolú.

“Ó tọ̀nà, Mummy. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀. Lẹ́tà ìkẹyìn, tó tẹ̀lé márùn-ún yẹn, ni wọ́n fi ń yẹ ìyókù wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ṣe èyí tó bá márùn-ún mu. Kò sí àṣìṣe kankan nínú nọ́ńbà yẹn. Ti ẹlòmíì ni.”

Wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ní Brescia. Kúbúrá kó gbogbo ìwé owó oṣù rẹ̀ àti lẹ́tà ìdúpẹ́ àwọn ọmọ Signora wá nínú àpò ike, wọ́n fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn obìnrin. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Camberwell, lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, níbi tí wọ́n ti ń yan ata, ó ń wá ẹni tó jẹ́ ojúgbà rẹ̀. Kò mọ ohun tí òun máa ṣe bí òun bá rí i. Nígbà tí Àsúmáù, tí òun náà ti wà ní Deptford báyìí, pè é lórí fóònù, Kúbúrá ò sọ fún un pé akọ̀wé náà kọ́ ló ṣìṣe. Ó kàn béèrè bóyá ó mọ Kúbúrá mìíràn ní Brescia nígbà náà.

“Kúbúrá wo? Ìwọ kan ṣoṣo la ní,” ni Àsúmáù wí. Ó tún fi kún un: “Àfi ọjọ́ tí mo kí ẹ níwájú ilé Signora, tóo ṣe bíi pé o ò mọ̀ mí. Mo bínú sí ẹ lọ́jọ́ yẹn o.”

Kúbúrá kò rántí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn dé ní ọ̀sẹ̀ keje. Adéolú ti kà á kí Kúbúrá tó gun àtẹ̀gùn tán. Ìwé náà wà lórí tábìlì, ó dojú délẹ̀.

“Wọ́n rí ẹni tó ni nọ́ńbà náà,” ó ní. “Wọ́n bi í léèrè bóyá òun ló ṣiṣẹ́ nílé Bettoni. Ó ní òun ni.”

“Irọ́ ni.”

“Mo mọ̀, Mummy. Wọ́n ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Wọ́n ti bo orúkọ ẹ̀ àti àdírẹ́sì ẹ̀, àmọ́ ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyí. Tí ẹ bá ti sọ ibi tó ti parọ́, tí ẹ fọwọ́ sí i, wọ́n á dá ọdún mọ́kànlá yín padà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wa.”

“Kà á.”

Adéolú ń kà á ní Ítálì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. Kúbúrá gbọ́ Ítálì náà kó tó túmọ̀ rẹ̀.

*Ó máa ń fẹ́ kí n ṣí fèrèsé ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan láràárọ̀, bí yìnyín tilẹ̀ ń bọ́. Aago ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Èmi ni mo máa ń yí i kó lè máa ṣiṣẹ́, torí pé ìka rẹ̀ ò lè ṣe é mọ́. Bí inú bá bí i, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ni ó máa fi pè mí.*

“Ẹnì kan ló ròyìn fún un,” ni Adéolú wí. “Àwọn ọmọ màmá yẹn, àbí aládùúgbò. Kò sí èyí tó le níbẹ̀.”

“Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ nípa aago.”

Adéolú gbójú sókè wò ó, ó tún gbójú sílẹ̀.

*Ní ọjọ́ tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ béèrè bóyá mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní mo wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n sunkún, wọ́n dì mọ́ mi. N kò sí níbẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó ti rẹ̀ mí. Mo gbọ́ nígbà tó pè mí. Mo gbọ́ ọ nígbà kejì. N kò dìde.*

Nísàlẹ̀, ẹlẹ́ja ń fi àdá gé yìnyín.

Adéolú gbé ìwé náà kalẹ̀. “Ó ti bà á jẹ́ fún ara ẹ̀ báyìí,” ó wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Mummy, ẹ wò ó. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ti kọ ọ́ nígbà yẹn, ó wà nínú ìwé tí ẹ kó wá: wọ́n dúpẹ́ pé ẹ di ọwọ́ ìyá wọn mú títí tó fi dákẹ́. Ẹ kàn kọ ọ́ síbí pé ẹ wà nínú yàrá, pé irọ́ lobìnrin yìí ń pa. Gbólóhùn kan, ó parí.”

Ó ṣí bírò, ó tẹ̀ ẹ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí yóò kọ ọ́ sí.

Kúbúrá di bírò náà mú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nípa orí àtẹ̀gùn yẹn.

“Ohùn wo ló fi sọ ọ́?” ó béèrè.

“Ẹ̀n?”

“Obìnrin náà. Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó sunkún?”

“Wọn kì í kọ irú ẹ̀, Mummy.” Adéolú fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. “Mummy Kúbúrá. Ẹ̀yìn yín ń dùn yín. Tiyín ni ọdún mọ́kànlá yìí. Ta ló tún ni ín? Swear down, mo búra, èmi fúnra mi máa fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.”

Kúbúrá gbé bírò náà lé orí fọ́ọ̀mù, ní gbọọrọ, sórí ìlà tó ṣófo. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú bó ti ń dìde. Ó wé ìborí rẹ̀ dáadáa.

“Dá wọn lóhùn pé òun ló wà níbẹ̀,” ó wí.

“Mummy, ẹ ò lè... Kí ni ẹ̀yin wá ṣe fún ọdún mọ́kànlá?”

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ìkọ̀ọ̀kan, ó kọjá lára àwọn ẹja tí wọ́n tẹ́ sórí yìnyín, ó bọ́ sínú èrò Rye Lane. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó yà sí ìhà Peckham Rye, ó ń lọ.