Rímù Kan Tí Mo Fi Tẹ́ Ọ̀gá Mi Lọ́rùn

Ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Bajulaiye, èmi ni mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe rípọ́ọ̀tù bébà tí a bá lò. Lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta la ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba rímù méjì àti igba ewé bébà. Kọ̀ǹpútà kọ méjì, méjì, méjì. Ó wá kọ méje sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá mi obìnrin figbe ta. “Méjì lọ́nà mẹ́ta di méje? Ta ló jí rímù kan?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ewé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà nínú rímù. Igba ewé ò tó ìdajì, kọ̀ǹpútà gé e dànù lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ó kọ́kọ́ ro gbogbo ewé pọ̀ kó tó gé nǹkan kan. Igba mẹ́ta ti ju rímù kan lọ.”

Ó ní òun ò fẹ́ gírámà, kí n jẹ́ kó pé mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ro kìkì iye tó hàn lórí ìlà. Ó di mẹ́fà. Inú ọ̀gá dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú rípọ́ọ̀tù náà lọ ka bébà tó kù ní sítóò. Rímù kan àti ọgọ́rùn-ún ewé ò sí níbẹ̀.

Báàgì mi ló kọ́kọ́ tú.