Ojú Ìyá Lórí Ọrùn Ọmọ

Sùúrù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbọ́ orúkọ yẹn, ẹ̀rín ló máa ń fi pa ara rẹ̀, torí ọkùnrin tí omi kò tíì hó tó ti ń béèrè pé oúnjẹ dà, sùúrù wo ló ní? Ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Bí ọkùnrin yìí bá ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó lè fi odidi wákàtí kan wo etí èèyàn kan ṣoṣo, kó sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Ilé ayàwòrán ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń bá àwọn ìyàwó tuntun nu irorẹ́ kúrò lójú fọ́tò, tó sì ń la ojú fún ẹni tó bá dijú nígbà tí wọ́n ń ya gbogbo ẹbí. Ó mọ ojú èèyàn bí télọ̀ ṣe mọ ọrùn ẹ̀wù. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń tún fíìmù ṣe gbà á, wọ́n fún un ní yàrá kékeré lẹ́yìn àtẹ̀gùn, kọ̀ǹpútà méjì, àti fèrèsé tí wọ́n fi aṣọ dúdú bò kí oòrùn má bàa tàn sójú iṣẹ́. Dígí pẹlẹbẹ kan wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé oge ló ń ṣe. Orí ara rẹ̀ ló máa ń yí níwájú dígí náà, kó lè mọ ìgbà tí imú ń bo ojú kejì àti ibi tí etí ń gbà yọ. Akọ̀wé obìnrin tó wà níta ti sọ fún àlejò kan rí pé kó má fòyà, pé ọrùn kò dun ọ̀gá yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Iṣẹ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ. Màmá òṣèré kan, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ló ń ṣe fíìmù tó ní òun yóò fi ṣíwọ́. Nínú fíìmù náà, ìyá arúgbó gbọ́ pé ọmọ òun yege nínú ìdánwò, ayọ̀ gbé e dìde láàárín pálọ̀, ó sì fi ijó yípo lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá ní ìbàdí ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ yípo, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá bọ́ sí i, torí ìdúró rẹ̀, ìrìn rẹ̀ àti bó ṣe ń gbé èjìká bá ti ìyá rẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀. Ó wọ aṣọ ìyá, ó de irun funfun mọ́rí, ó fi yẹtí ìyá sétí, ó sì jó ijó náà. Ó wá ku kí Sùúrù mú ojú ìyá, kó fi bo ti ọmọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Odindi ọ̀sán kan ló fi jókòó lórí àga tí wọ́n ń ya ojú rẹ̀ níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, lókè àti nísàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yà á tán, ó di ọwọ́ Sùúrù mú.

"Ọmọ mi, mo ti ń fi ijó jẹun kí wọ́n tó bí ẹ. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ nìkan gbé mi jáde."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà," ni Sùúrù wí. "Ẹ máa yípo."

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Olùdarí fíìmù náà kò fẹ́ràn ohun tí kì í ṣe ojúlówó, ó sì ti là á mọ́lẹ̀: aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn yóò jọ wò ó. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá rí i pé ojú yọ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, òun yóò gé ìyípo náà dànù, ẹsẹ̀ tó ń jó nìkan lòun yóò fi hàn.

Ojú náà sì ń yọ̀. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí, kó fetí sílẹ̀ díẹ̀. Fídíò kò ju àwòrán tí a tò tẹ̀ léra wọn lọ. Márùndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àádọ́jọ àwòrán ló wà níwájú Sùúrù. Yóò fi àwọn àmì kéékèèké sára orí nínú àwòrán àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì máa tọpasẹ̀ wọn láti àwòrán kan bọ́ sí èkejì. Ibi tí àmì bá gbà, ibẹ̀ ni ojú tuntun ń gbà. Ìyípo àkọ́kọ́ rọra lọ, ojú Màmá sì bá a lọ wẹ́rẹ́. Ìkejì ni wàhálà, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti fi gbogbo ara já orí yí. Láti orí àwòrán ìkọkànléláàádọ́rùn-ún, tí ojú ń kúrò níwájú wa, títí dé ọgọ́rùn-ún, tó padà dé, ojú Màmá kọ̀ kò tẹ̀ lé orí mọ́. Orí á ti lọ, ojú á ṣẹ́kù sẹ́yìn, imú á fẹ́ẹ̀ dé ìdí etí. Bí orí bá wá dúró, ojú á sáré kọjá rẹ̀, á tún padà, bíi fìlà tó tóbi ju orí lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Sùúrù fi bá a jà. Ó fi àmì kún àmì, kò gbọ́. Ó fọwọ́ sún ojú náà díẹ̀díẹ̀, ibi kan dára, ibi kejì bàjẹ́. Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì fi máa pọ́n, ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó wo dígí títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Àsìkò yẹn ni ọmọ Màmá wọlé, obìnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó wá sọ pé ìyá òun ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó sọ tán, ó ń jáde lọ, akọ̀wé sì rí báàgì rẹ̀ lórí àga.

"Àǹtí, báàgì yín!"

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn lójijì. Orí rẹ̀ yí, ó dúró. Yẹtí gígùn tó wà létí rẹ̀ fò síta, kò sì tíì dúró. Ó ṣì ń fì nígbà tí obìnrin náà ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé.

Sùúrù dìde lórí àga.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bojú wẹ̀yìn."

"Kí ló dé? Kí ló wà lẹ́yìn mi?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà tún un ṣe. Kó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ẹ̀ẹ̀meje ló ní kó bojú wẹ̀yìn. Ní ẹ̀kẹfà, obìnrin náà bi akọ̀wé bóyá ọ̀gá yìí ti jẹun. Akọ̀wé ní ó ti jẹun, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

"Yẹtí ìyá yín yìí náà lẹ wọ̀ lọ́jọ́ ijó?" ni Sùúrù béèrè.

"Òun náà ni. Màmá ní kó máa wà lọ́wọ́ mi báyìí."

Ẹ̀rín pa Sùúrù títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun tó mọ ojú èèyàn tó bẹ́ẹ̀, orí yẹtí ló lọ fi àmì méjì sí, torí pé ó ń dán, kọ̀ǹpútà sì máa ń tètè di ohun tó bá ń dán mú. Bí orí bá ń rọra lọ, yẹtí á bá a lọ. Bí orí bá já yí, yẹtí á gba ọ̀nà tirẹ̀, á sì fa ojú Màmá dání.

Aago kan ààbọ̀ ti lù. Ó pa àmì orí yẹtí rẹ́, ó fi òmíràn sí ibi tí kì í fì: egungun imú lókè, igun ojú lápá ìta, ibi tí etí ti so mọ́ orí, àti àpá kékeré kan tí ọmọ ní lẹ́bàá ojú. Kò fi ìkankan sí àgbọ̀n, torí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, àgbọ̀n rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tọpasẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ wá dé ìkọkànléláàádọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà láti ìparí padà sẹ́yìn dé ọgọ́rùn-ún. Mẹ́jọ tó wà láàárín, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Níbi tí orí bá ti yẹ̀gbẹ́, ó mú fọ́tò ẹ̀gbẹ́ Màmá lò. Bí orí ọmọ bá ṣe bàìbàì nítorí eré tó ń sá, ó mú kí ojú ìyá náà ṣe bàìbàì bákan náà, síhà kan náà, kó má bàa mọ́ kedere lórí ohun tí kò mọ́.

Ó wá ku àwòrán méjì: ọ̀kan kí ẹ̀yìn orí tó kọjú sí wa, ọ̀kan nígbà tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà yọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tín-ín-rín àti àgbọ̀n nìkan ló hàn nínú wọn, ó sì ṣe bàìbàì bí ògiri tí wọ́n fomi nù. Gbogbo ìgbà tó bá lẹ ojú Màmá mọ́ ọn níbẹ̀, ṣe ni ojú náà ń ta gìrì. Sùúrù rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì ṣí ojú Màmá kúrò nínú àwòrán méjèèjì, ó fi ojú ọmọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó wò ó léraléra. Kò rí nǹkan kan.

Ní aago mẹ́rin, yàrá lẹ́yìn àtẹ̀gùn kún. Màmá jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó dára, ọmọ rẹ̀ dúró tì í, olùdarí fẹ̀yìn ti ògiri, akọ̀wé yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Sùúrù tẹ fídíò. Màmá dìde nínú pálọ̀, ó gbọ́wọ́ sókè, ó yípo jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó já orí, ó tún yípo, ojú rẹ̀ padà dé tòun tẹ̀rín.

Olùdarí ní kó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sún mọ́ ọn débi pé èémí rẹ̀ ń kan etí Sùúrù.

"Èmi ò rí nǹkan kan," ni olùdarí wí.

Màmá na ọwọ́.

"Dúró. Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ yẹn."

Àwòrán ìkẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níwájú wọn, ọ̀kan nínú méjèèjì.

"Ọmọ mi nìyẹn," ni Màmá wí.

Gbogbo wọn na ọrùn. Kìkì bàìbàì ni wọ́n rí. Sùúrù jẹ́wọ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: òótọ́ ni, ojú Màmá kò gbà á níbẹ̀, lòun ṣe fi ti ọmọ sílẹ̀, àwòrán méjì péré, kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú.

Olùdarí mí kanlẹ̀. "A ti jọ ṣàdéhùn. Bí ẹnì kan bá rí i—"

"Ẹ fún mi ní wákàtí kan, sà, màá yọ ọ́," ni Sùúrù wí.

"Ta ló ní kó o yọ ọ́?" Màmá yíjú sí i. "Ìgbà tí ìbàdí mi kọ̀, ta ló jó o? Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ṣeré, ọmọ yìí ò bá mi wọ fíìmù kankan rí. Jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ibì kankan ò yọ̀."

"Ṣùgbọ́n Mà," ni olùdarí wí, "mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí i."

"Báwo lo ṣe máa rí i? Ìwọ kọ́ lo bí i."

Ẹ̀rín gba yàrá náà. Olùdarí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí ìyípo dúró, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́. Ayọ̀ tó wọ inú Sùúrù pọ̀ débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí, ló bá ń nu dígí. Ọmọ Màmá nìkan ni kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wá ara rẹ̀ nínú bàìbàì náà, kò rí i.

"Níbo, Màmá?"

Ìyá rẹ̀ mú ìka ọmọ náà, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tín-ín-rín inú àwòrán náà.