Gàrí Tí Mo Mu Lọ́jọ́ Tí Mo Ń Fọ Ìfun

Ní gbogbo Igbó-Ọrà, kò sẹ́ni tó ń kọ ebè bíi tèmi. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n iṣu mi ni wọ́n fi ń júwe iṣu. Nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Jẹjẹrẹ ìfun ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ̀. Mo ní tèmi ò ní pẹ́.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn wa, wọ́n ní kí n wá s'Ìbàdàn, kí dókítà fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdí wo inú ìfun mi. Nọ́ọ̀sì kó oògùn ìfọfun fún mi, èyí tí à ń pò mọ́ omi.

"Bàbá, lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ ò ní jẹun rárá, mímu nìkan. Omi, tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ má mu sobo o, pupa rẹ̀ á jọ ẹ̀jẹ̀."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé inú mi ti mọ́?"

"Tí ohun tó ń jáde bá rí bí ìtọ̀, ó ti mọ́. Tí kò bá mọ́, dókítà ò ní ríran, wọ́n á dá yín padà."

Èmi, kí wọ́n dá mi padà? Láéláé!

Ilé àbúrò ìyàwó mi n'Ìbàdàn la sùn sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìfọfun, mo pe nọ́ọ̀sì kí n lè fọ́nnu díẹ̀.

"Ọmọ mi, láti àárọ̀, n ò jẹ nǹkan kan. Gàrí nìkan ni mo mu."

"Gàrí kẹ̀?"

"Ṣebí mímu lẹ sọ? Ta ló ń jẹ gàrí tútù?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ̀pà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Yéè! Bàbá, oúnjẹ ni o. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má mu ún mọ́. Ẹ mu oògùn ìrọ̀lẹ́ tán, ẹ mu ti ìdájí tán, ẹ máa fi omi lé e. Tó bá ku wákàtí méjì tí a ó ṣe é, ẹ pa ẹnu mọ́ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà."

Oògùn náà níyọ̀, ó ń rìn mí. Mo gbé ife kẹta sílẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹni tó ń kọ igba ebè ló ń sá fún ife omi?"

Mo gbé e mu. Mo mu gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, ohun tó ń jáde mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó kọ̀, kò wá.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ti gàrí náà. Mo tún bi wọ́n bóyá n ó sùn. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí iṣan ọwọ́ mi á mú mi tòògbé, n kò ní mọ ìrora púpọ̀. Mo ní abẹ́rẹ́ kì í mú mi. Mo ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gbin iṣu lọ́wọ́ ni mo gbọ́ "A ti parí, Bàbá."

Dókítà rí kókó kékeré kan nínú ìfun mi, ó gé e, ó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ikùn mi wú. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ só, ẹ má tijú, afẹ́fẹ́ tá a fẹ́ sínú yín ni." Mo só. Ó ní n ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà mi, mu ọtí, tàbí fọwọ́ sí ìwé kankan títí di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí inú bá ń run mí gan-an, tàbí bí ibà bá dé, kí n padà wá kíá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ní ó ṣeé ṣe kó di jẹjẹrẹ ká ní a fi í sílẹ̀. N ó tún padà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà gan-an, mo pe àwọn àbúrò mi méjèèjì pé àwọn náà ní láti lọ yẹ ìfun wọn wò. N ò bẹ̀ wọ́n. Mo pàṣẹ ni.